Ìlànà òwò ìpín fún ẹni tó ń jẹ owó oṣù: bí mo ṣe ń kọ tèmi, ìlà dé ìlà

Ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà, ìyẹn NGX, kì í dúró de òṣìṣẹ́. Láti Mọ́ńdè títí dé Fúráìdè, àárọ̀ ló ń ṣí, ó sì ti máa ń pa kí n tó dìde nídìí tábìlì mi. Ẹni tó bá ń ra ìpín tó sì ń tà á, tó tún jẹ́ pé owó oṣù ló ń jẹ, kò ní sí lójú ọjà nígbà tí ohun tó ṣe kókó bá ń ṣẹlẹ̀. Alẹ́ ló ni. Ohun tó bá kọ sílẹ̀ lálẹ́ ni yóò ṣiṣẹ́ fún un lọ́sàn-án.

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, n kò kọ nǹkan kan. Mo ra ìpín kan ní ₦18, mo sọ lọ́kàn ara mi pé bó bá já wá sí ₦16.50, n ó tà á. Ọjọ́ tó débẹ̀, ìpàdé là ń ṣe. Mo yọ fóònù wò lábẹ́ tábìlì, mo ní, "Á tún gòkè." Lọ́jọ́ kejì, ó ti di ₦15.20. Àbúrò kan tó jókòó tì mí, tí òun náà ń ra ìpín, bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì tà á?" Mo ní rárá, mo ti sọ ọ́ di ìdókòwò ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni mo tà á, ní ₦11.

Ìwé tí mo ń lò báyìí kò ju ojú ewé méjì lọ. Ìpín gidi ni mo fi máa ń dán an wò, ṣùgbọ́n iye tí n ó lò níbí, mo kàn mú un láti fi ṣe àpẹẹrẹ ni, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ní kó lọ ra nǹkan kan.

Ìlà kìíní: owó òwò, àti ẹni tó ń san owó oṣù yín

Kọ iye owó òwò sílẹ̀ ní gedegbe. Ẹ jẹ́ ká fi ₦800,000 ṣe é. Owó ilé kò sí nínú rẹ̀, owó ilé-ìwé ọmọ kò sí nínú rẹ̀, owó àjọ tí ẹ máa kó lóṣù tó ń bọ̀ kò sì sí nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìgbà tí ẹ lè fi owó kún un. Tèmi kà báyìí: "Ìgbà mẹ́rin lọ́dún ni mo lè fi owó kún un, lọ́jọ́ àtúnyẹ̀wò nìkan." Ìdí tí mo fi kọ ọ́ ni pé nígbà tí owó oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí ìpín kan sì ń já lọ́wọ́ mi, ọwọ́ mi máa ń yá láti rà sí i kí ìpíndọ́gba iye tí mo fi rà á lè dínkù. Owó oṣù ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò níṣẹ́ mìíràn yóò tètè mọ̀ pé òun ti pàdánù. Àwa tí owó ń wọlé fún lóṣooṣù lè pàdánù fún ọdún méjì ká má mọ̀.

Bí ìpín ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́ bá wà lórí ọjà, ẹ béèrè òfin wọn kí ẹ tó rà á tàbí kí ẹ tó tà á. Ìgbà wà tí wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn fún àwọn òṣìṣẹ́ kí èsì ìṣirò owó wọn tó jáde. Èmi kọ ọ́ pé n kò ní fọwọ́ kàn án rárá, ọ̀rọ̀ sì tán.

Ìlà kejì: ìgbà tí mo lè wọlé

Ohun tó yẹ kó wà níbí ni ohun tí ẹlòmíràn lè kà kó sì dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" láìbi yín léèrè. "N ó rà á bó bá dára" kò wúlò. Tèmi ní nǹkan mẹ́ta. Èkíní, iye tí ìpín náà fi parí lónìí gbọ́dọ̀ ga ju iye ìparí tó ga jù lọ nínú ogún ọjọ́ ọjà tó ṣáájú. Èkejì, iye ẹyọ tí wọ́n tà lónìí gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po kan àtààbọ̀ ohun tí wọ́n máa ń tà lójúmọ́ láàárín ogún ọjọ́ yẹn. Ẹ̀kẹta, láàárín ogún ọjọ́ yẹn kan náà, wọn kò gbọdọ̀ máa tà dín ní ẹyọ 200,000 lójúmọ́. Ẹ̀kẹta yìí ni kì í jẹ́ kí n wọ ibi tí n kò ti ní rí ọ̀nà àbájáde. Ìpín wà lórí ọjà wa tí ẹ lè rà lónìí tí ẹ óò fi ọ̀sẹ̀ kan wá ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ yín.

Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, n ó fi ọ́dà sílẹ̀ lórí áàpù bùrókà mi, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń bá mi ra ìpín tó sì ń bá mi tà á, kí n tó kúrò nílé lówùúrọ̀, tí mo kọ iye tó ga jù tí mo lè san sí i. Bí ìpín náà bá parí ní ₦39.50, ₦40 ni mo kọ. Bí ọjà bá ṣí ní ₦42, ọ́dà mi kò ní ṣiṣẹ́, n kò sì ní lé e. Ẹ wò ó dáadáa bóyá ọ́dà yín ń kú nígbà tí ọjà bá pa, tàbí ó ń wà níbẹ̀ títí ẹ óò fi yọ ọ́. Nígbà kan, mo gbàgbé ọ́dà sílẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdè. Fúráìdè ló rà á fún mi, nígbà tí ìdí tí mo fi fẹ́ rà á ti kọjá lọ.

Ìlà kẹta: iye ìjáwọ́, àti ẹyọ mélòó ni kí n rà

Ibí ni mo fẹ́ ká jókòó sí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà tí mo ti rí ti ń ṣìnà.

Iye ìjáwọ́ ni iye tó jẹ́ pé bí ìpín bá parí níbẹ̀ tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, mo ti gbà pé èrò mi kò tọ̀nà, n ó tà á. Mo máa ń fi sí abẹ́ ibi tí ìpín náà já sí gbẹ̀yìn kó tó gòkè. Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹ jẹ́ ká ní ₦37 ni. Ewu mi lórí òwò kan ṣoṣo jẹ́ 1% owó òwò mi, ìyẹn ₦8,000.

Èyí tó rọrùn láti ṣe ni kéèyàn yọ ₦37 kúrò nínú ₦40, kó rí ₦3, kó fi pín ₦8,000, kó sì lọ ra ẹyọ 2,666. Ohun tí mo ṣe fún ọdún kan gbáko nìyẹn, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé àdánù mi kì í jẹ́ ₦8,000. Làádà ni n kò kà. Òfin gba bùrókà láyè láti gba tó 1.35% lórí ohun tí ẹ rà, ó sì tún ń gbà á nígbà tí ẹ bá tà á. Owó SEC, àjọ ìjọba tó ń mójútó ọjà ìpín, wà níbẹ̀, ti NGX wà níbẹ̀, ti CSCS tó ń tọ́jú ìpín wà níbẹ̀, owó òǹtẹ̀ ìjọba náà wà níbẹ̀. Ẹ mú ìwé tí bùrókà yín ń fi ránṣẹ́ lẹ́yìn òwò kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe àròpọ̀ wọn fúnra yín. Tèmi ń súnmọ́ 2% nígbà tí mo bá rà, ó sì ń fi díẹ̀ lé ní 2% nígbà tí mo bá tà. Kí ìṣirò má bàa lọ́jú pọ̀, ẹ jẹ́ ká fi 2% sí ọ̀tún, 2% sí òsì.

Ní báyìí, ẹyọ kan tí mo rà ní ₦40 ti di ₦40.80 lọ́wọ́ mi. Bí mo bá tà á ní ₦37, ₦36.26 ni yóò wọlé. Àdánù lórí ẹyọ kan kì í ṣe ₦3 mọ́, ₦4.54 ni. Bí mo bá fi ₦4.54 pín ₦8,000, ẹyọ 1,762 ni mo lè rà. Mo máa ń gé e sí 1,760. Owó tí yóò jáde lápapọ̀ jẹ́ ₦71,808. Ẹni tó lọ ra 2,666 yóò pàdánù ju ₦12,000 lọ níbi tó ti kọ ₦8,000 sílẹ̀.

Lórí Google Sheets tàbí Excel, mo fi owó òwò sí B1, ewu sí B2 ní 1%, iye tí mo fẹ́ rà á sí B3, iye ìjáwọ́ sí B4, mo wá kọ èyí sí B5:

```
=ROUNDDOWN(B1*B2/((B3-B4)+0.02*B3+0.02*B4),0)
```

Bí làádà tiyín bá yàtọ̀, ẹ yí 0.02 padà níbi méjèèjì.

Làádà yìí kan náà ló ń ba èrè jẹ́. Ẹni tó fi ₦3 wewu máa ń kọ pé òun yóò tà á ní ₦46, kí èrè òun lè jẹ́ ìlọ́po méjì ewu. Ẹ ṣírò ó. Ní ₦46, ₦45.08 ni yóò wọlé. Ẹ yọ ₦40.80, ó ku ₦4.28. Èrè náà kò tilẹ̀ tó ₦4.54 tó fi wewu. Kí èrè tó lè jẹ́ ìlọ́po méjì gidi, ìpín náà ní láti dé nǹkan bíi ₦51. Ìyẹn fi ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ ga ju iye tó rà á! Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ẹni tó ń san irú làádà yìí lè máa rà lónìí kó máa tà lọ́túnla lórí ọjà wa kó sì rí nǹkan jẹ. Òwò ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan ni, èyí sì bá òṣìṣẹ́ mu ju bó ṣe rò lọ.

Ìlà kẹrin: bí mo ṣe ń jáde

Áàpù tèmi kò ní ibi tí mo lè tẹ̀ kó ta ìpín fúnra rẹ̀ bó bá dé iye kan. Nítorí náà, alẹ́ ni mo ń wo iye ìparí. Bó bá jẹ́ ₦37 tàbí kó dín sí i, n ó fi ọ́dà títà sílẹ̀ kí n tó sùn. Bó bá parí ní ₦36.80, n kì í kọ ₦36.80 sí ọ́dà náà. Mo máa ń kọ nǹkan bíi ₦35, kí ó lè bá ẹnikẹ́ni tó bá ń rà láàárín ibẹ̀ pàdé. Ẹni tó ń san jù ni yóò kọ́kọ́ gbà á. Bó bá lọ ní ₦36, àdánù mi yóò jẹ́ ₦9,715, kì í ṣe ₦8,000. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì wà nínú ìwé: "Àdánù tó tó 1.3% kì í ṣe àṣìṣe. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀."

Ó ní ohun kan tí ìwé kò lè dènà. NGX kì í jẹ́ kí iye ìpín kan lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ ju 10% lọ lójúmọ́. Ó dà bí ààbò, ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn burúkú bá jáde, ìpín yóò já dé òpin 10% náà láàárọ̀, àwọn tó ń tà yóò tò lọ bí èrò ilé epo, ẹni tó ń rà kò sì ní sí. Ẹ gbà pé ìpín wa parí ní ₦38 lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Tọ́sìdeè, ó já sí ₦34.20, kò sì sẹ́ni tó ń rà mọ́. Fúráìdè, ₦30.78, ọ́dà mi wá ṣiṣẹ́. Àdánù mi ti di nǹkan bíi ₦18,700. Iye ìjáwọ́ ₦37 kò ràn mí lọ́wọ́ rárá. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé owó tí mo kó sínú rẹ̀ kò ju ₦72,000 lọ nínú ₦800,000. Nítorí náà, mo fi ìlà méjì kún ìlànà: kò sí ìpín kan tí yóò gbà ju 10% owó òwò mi lọ, ohun yòówù tí B5 ì bá à sọ, n kò sì ní di ju ìpín mẹ́rin mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan péré nínú mẹ́rin náà ló lè jẹ́ ti ilé-ìfowópamọ́, torí àwọn báńkì máa ń já pọ̀.

Ní ti èrè, bí ìpín bá parí ní ₦46, n ó gbé iye ìjáwọ́ láti ₦37 lọ sí ₦42. Kì í ṣe ₦40, torí ní ₦40 mo ṣì ń pàdánù, ₦41.63 ni iye tí owó mi fi ń padà dé ọwọ́ mi pé pérépéré. Bó bá dé ₦51, n ó ta ìdajì. Ìdajì tó kù, alẹ́ Fúráìdè kọ̀ọ̀kan ni mo ń gbé iye ìjáwọ́ rẹ̀ sí iye ìparí tó kéré jù nínú ogún ọjọ́ ọjà tó kọjá. Òkè nìkan ni mo lè gbé e lọ. Bí ọ̀sẹ̀ méjìlá bá sì kọjá tí ìpín náà kò tíì parí lókè ₦41.63 rí, n ó tà á, owó náà ní ibòmíràn láti lọ.

Ìgbà kan ṣoṣo ni mo lè gbé iye ìjáwọ́ wálẹ̀: nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ pín èrè fún àwọn onípìn-ín. Ọjọ́ tí ẹni tó bá rà á kò ní rí èrè náà gbà mọ́, wọ́n máa ń yọ iye èrè náà kúrò lára iye ìpín. Ìpín ₦38.50 tó fẹ́ pín ₦2 yóò bẹ̀rẹ̀ ní ₦36.50 lọ́jọ́ náà, láìṣe pé ẹnikẹ́ni sá. Ẹni tí kò mọ̀ yóò tà á torí ó ti wọ abẹ́ ₦37. Mo máa ń yọ ₦2 náà kúrò nínú iye ìjáwọ́, kó di ₦35, kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ máa wo ìkéde àwọn ilé-iṣẹ́ tí ẹ di ìpín wọn mú lórí ojúlé NGX ní Sátidé.

Ohun kan péré lórí owó tí ẹ bá tà: ní òpin oṣù kọkànlá 2025, wọ́n dín ọjọ́ ọjà tí owó fi ń wọlé lẹ́yìn títà kù láti mẹ́ta sí méjì. Bí ẹ bá tà ní Fúráìdè, ẹ má fi owó náà ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni kí Túsìdè tó dé.

Ìlà karùn-ún: àtúnyẹ̀wò

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo pín in sí, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́ wà fún iye ìparí àti ọ́dà ọ̀la nìkan. N kì í yí òfin kankan padà nígbà yẹn, torí ó ti rẹ̀ mí. Sátidé, ààbọ̀ wákàtí, mo ń wo ìkéde, mo sì ń fi ohun tí bùrókà kọ wé ohun tí èmi kọ. Sátidé tó tẹ̀lé ọjọ́ tí owó oṣù wọlé, mo ń ṣe àròpọ̀ àdánù oṣù náà. Bó bá ti tó 5% owó òwò, n kò ní ra nǹkan tuntun mọ́ títí oṣù mìíràn yóò fi parí. Èyí tí mo dì mú, n ó máa tẹ̀lé ìlà kẹrin lórí wọn.

Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni àtúnyẹ̀wò ńlá. Mo máa ń sọ èsì òwò kọ̀ọ̀kan di ẹyọ ewu: bí ewu bá jẹ́ ₦8,000 tí mo sì pàdánù ₦9,715, ó dín 1.2, bí mo bá jèrè ₦12,000, ó lé 1.5. Báyìí, òwò kékeré àti ńlá ṣeé fi wéra. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni òpó kan wà tí mo kọ "mo tẹ̀lé e" tàbí "n kò tẹ̀lé e" sí. Ẹ má ṣe fojú kéré òpó yìí. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo fi kún un, òwò 14 ni mo ṣe. Mẹ́wàá tí mo tẹ̀lé ìlànà fún lé 2.6 lápapọ̀. Mẹ́rin tí n kò tẹ̀lé e dín 5.1. Mo ti fẹ́ lọ wá ọ̀nà ìwọlé mìíràn tẹ́lẹ̀, mo rò pé èyí kò dára. Ìwé náà fi hàn mí pé ọ̀nà náà kò níṣòro. Ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn tilẹ̀ jèrè, síbẹ̀ mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àṣìṣe, torí mo rà á nínú ọkọ̀ nígbà tí mo ń lọ síbi iṣẹ́, láìwo nǹkan kan.

Òfin tí mo bá fẹ́ yí padà, n kì í yí i kí òwò tí mo fi ṣe tó tó ogún. Òwò márùn-ún tó dínkù tẹ̀léra lè ṣẹlẹ̀ sí ìlànà tó dára jù lọ. Mo máa ń kọ déètì sí òfin tuntun, mo sì ń fi ti àtijọ́ sílẹ̀, mo kàn fa ìlà sí i lára ni, kí n lè mọ òwò tó wà lábẹ́ èwo. Òfin tuntun kò kan ìpín tí mo ti dì mú kó tó dé.

Níbi tí mo dé lónìí, òwò méjìdínlógún ló wà lábẹ́ òfin ìlọ́po kan àtààbọ̀ yẹn. Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, torí ó jọ pé àwọn tí ọjà wọn ń pariwo jù ló ń gòkè pẹ́. Méjì ṣì kù. Mo ti kọ ìbéèrè náà sí ẹ̀yìn ìwé fún Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá.